Ta Ni Yóò Kà Á Lóru?

Gbólóhùn kan wà tí kì í ṣàì sí nínú ìwé ètò ìwádìí tí wọ́n bá fẹ́ fi bá ọmọdé ṣiṣẹ́: "A ó pa gbogbo ohun tí o bá sọ fún wa mọ́ ní àṣírí." Òmíràn tún wà tí kì í jìnnà sí i, bóyá ojú ìwé kan péré ló máa wà láàárín wọn: "Bí a bá rí i pé ẹ̀mí rẹ wà nínú ewu, a ó tètè dá sí i." Bí ẹ bá kà wọ́n lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, méjèèjì dùn-ún gbọ́. Ó wá yá, ẹ kà wọ́n pọ̀, kí ẹ sì fi ara yín sípò ọmọ ọdún 15 tí ó ń ṣe ara rẹ̀ léṣe ní ìkọ̀kọ̀. Èwo ni kí ó gbà gbọ́ nínú méjèèjì?

Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni mo kọ́ ní yunifásítì, òun náà ni mo sì fi ń jẹun. Ní ọdún 2023, àwọn olùwádìí kan tí wọ́n ń tọ́jú ọ̀dọ́langba ní Ìbàdàn pè mí pé kí n bá àwọn kọ ápù kékeré kan. Àwọn ọmọ ọdún 13 sí 17 tí wọ́n ti ń gba ìtọ́jú tẹ́lẹ̀, nítorí pé wọ́n ń ṣe ara wọn léṣe, ni yóò máa lò ó. Lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, fún ọjọ́ 14, ápù yóò bi wọ́n ní ìbéèrè mélòó kan: ṣé o sùn dáadáa? Ta lo wà lọ́dọ̀ rẹ̀ báyìí? Láti 0 dé 5, báwo ló ṣe ń ṣe ọ́ tó bíi pé kí o ṣe ara rẹ léṣe? Ìdí tí wọ́n fi fẹ́ ápù ni pé ìrora yìí kì í dúró lójú kan. Ohun tí ó gbóná janjan ní aago 9 alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun lè ti rọlẹ̀ pátápátá kí ọmọ náà tó dé iwájú dókítà ní ọjọ́bọ̀, tí yóò sì ní, "Kò sí nǹkan kan, mà."

Mo rò pé kọ́ọ̀dù nìkan ni wọ́n fẹ́ lọ́wọ́ mi. Lọ́jọ́ kan ni Dókítà tó ń darí iṣẹ́ náà sọ fún mi pé, "Ẹnjiníà, ìwọ lo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ yìí ń gbà kọjá. Ìwọ ni kó o kọ abala ẹ́tíìsì tó kan ápù." Mo ní, "Ẹ̀yin mà, kọ̀ǹpútà ni mo kọ́ o." Ó ní, "Ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà náà ni."

Abala ẹ́tíìsì ni ibi tí olùwádìí ti ń ṣàlàyé bí òun kò ṣe ní torí ìmọ̀ ṣe ọmọlọ́mọ níbi. Ìlànà ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà ti ọdún 2007 lórí ìwádìí ìlera ní kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kí ìgbìmọ̀ ẹ́tíìsì tó fọwọ́ sí i. Wọ́n fún mi ní ẹ̀dà ìwé kan tí wọ́n ti lò fún iṣẹ́ mìíràn, pé kí n máa wò ó kọ. Ìwé náà dára, ó mọ́ tónítóní. Wàhálà ibẹ̀ ni pé kò sí gbólóhùn kan nínú rẹ̀ tó mọ̀ pé fóònù ni àwọn ọmọ náà yóò máa bá sọ̀rọ̀.

Ohun tí gbogbo èèyàn kọ́kọ́ ń bi mí, tó fi mọ́ ìyá mi, ni pé ṣé bíbéèrè gan-an kò ní fi èrò náà sí wọn lọ́kàn? Ìbéèrè gidi ni, wọ́n sì ti dán an wò. Ní ọdún 2005, Madelyn Gould àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí kan jáde tí wọ́n ṣe pẹ̀lú akẹ́kọ̀ọ́ 2,342 ní ilé-ẹ̀kọ́ girama mẹ́fà ní ìpínlẹ̀ New York. Wọ́n bi apá kan ní ìbéèrè nípa gbígba ẹ̀mí ara ẹni, wọn kò bi apá kejì. Lẹ́yìn ọjọ́ méjì, wọ́n bi gbogbo wọn. Ìdààmú àwọn tí wọ́n ti kọ́kọ́ bi kò ju ti àwọn yòókù lọ, èrò ikú kò sì pọ̀ sí i lọ́kàn wọn. Kódà, láàárín àwọn tí ọkàn wọn ti rẹ̀wẹ̀sì tẹ́lẹ̀, ó dà bíi pé ara tu àwọn tí wọ́n bi díẹ̀ sí i.

Mo kọ ọ́ sílẹ̀, inú mi sì dùn sí i. Àmọ́ nínú kíláàsì ni wọ́n ti bi àwọn ọmọ New York, àwọn àgbà wà nítòsí, ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n sì béèrè kí wọ́n tó padà wá. Àwọn tiwa, ìgbà 28 ni a fẹ́ bi wọ́n, ọmọ kan ṣoṣo pẹ̀lú fóònù rẹ̀ lórí ibùsùn. Nítorí náà mo fi gbólóhùn kan kún un pé ìwádìí yìí tó láti fi gbà pé a lè béèrè, kò tó láti fi sọ pé kí a béèrè kí a sì lọ sùn.

Kí n tó dé ibi oorun yẹn, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun kan nípa èdè, torí pé ó gbà wá ní odindi ọ̀sán. Ìwé ìyọ̀ǹda gbọ́dọ̀ wà ní Yorùbá fún àwọn òbí. Ẹni tó kọ́kọ́ túmọ̀ rẹ̀ lo "àwọn ọmọ tó ń pa ara wọn lára". Kò sí àṣìṣe níbẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí Àǹtí Nọ́ọ̀sì kà á sókè fún wa, ó dúró lẹ́yìn "ara wọn" láti mí, a sì rí i ní ojú gbogbo wa. Bí "lára" bá bọ́, tàbí tí ìyá kan kò bá gbọ́ ọ dáadáa, ọ̀rọ̀ ti di ikú. Ìyàtọ̀ yìí sì ni gbogbo iṣẹ́ náà dá lé: púpọ̀ nínú àwọn ọmọ tó ń ṣe ara wọn léṣe kò fẹ́ kú ní àsìkò tí wọ́n ń ṣe é, wọ́n ń wá bí ìmọ̀lára kan tó ju agbára wọn lọ yóò ṣe rọlẹ̀ ni. A yọ "pa ara wọn lára" kúrò níbi gbogbo, a fi "ṣe ara wọn léṣe" rọ́pò rẹ̀, a sì kọ ìdí rẹ̀ sínú ìwé.

Ó wá ku alẹ́.

Nínú ẹ̀dà tí wọ́n fún mi, wọ́n kọ ọ́ pé: "Bí ìdáhùn ọmọ kan bá fi ewu hàn, olùwádìí yóò pè é láàárín wákàtí kan." Ẹni tó kọ ọ́ kò purọ́, ó ní in lọ́kàn láti pè. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ mi ni láti bi gbólóhùn léèrè bí mo ṣe ń bi kọ́ọ̀dù: kí ló gbọ́dọ̀ ṣẹlẹ̀ kí èyí tó lè jẹ́ òótọ́? Ìdáhùn gbọ́dọ̀ kúrò lórí fóònù ọmọ náà. Ó gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ wa. Ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ewu ni. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ jí, kí fóònù onítọ̀hún ní iná, kí ó mọ ọmọ wo ni, kí ọmọ náà sì gbé ìpè. Mo mú fóònù olówó pọ́ọ́kú kan, irú èyí tí àwọn ọmọ náà ń lò, mo pa dátà rẹ̀ bí ẹni tí dátà rẹ̀ tán, mo dáhùn ìbéèrè lóru bí ẹni tó wà nínú ewu, mo sì sùn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo tan dátà. Ohun tí ẹ̀rọ wa kọ sílẹ̀ nìyí:

```
answered_at: 2023-10-12 01:40:22
received_at: 2023-10-12 06:12:05
```

Ó lé ní wákàtí 4 àti ààbọ̀. Wákàtí kan tí ìwé ṣèlérí ti kọjá ní ẹ̀ẹ̀mẹrin kí ẹ̀rọ tó gbọ́ rárá, ká má tíì sọ ènìyàn. Mo gbé e wá sí ìpàdé. Dókítà wò ó títí, ó wá béèrè pé, "Bí dátà bá wà ńkọ́?" Mo ní, "Á dé lójú ẹsẹ̀, mà. Ta ni yóò kà á lóru?" Kò sẹ́ni tó dáhùn. Nọ́ọ̀sì kan àti onímọ̀ ìrònú kan la ní, àwọn méjèèjì sì ń ṣiṣẹ́ ní ọ̀sán.

Ohun tó kọ́kọ́ wá sí wọn lọ́kàn ni pé kí ápù máa ta wá lólobó ní gbogbo ìgbà, kí a má bàa pàdánù ọmọ kankan. A bá ṣírò rẹ̀. Ká ní ọmọ 60 ni, ìbéèrè méjì lójúmọ́, ọjọ́ 14: ìdáhùn 1,680 nìyẹn. Ká wá ní ẹyọ kan péré nínú 20 ló kọjá ààlà tí a fà, ìpè 84 ni, ìyẹn 6 lójúmọ́. Bí ìpè kan bá gba ìdajì wákàtí, wákàtí 3 ti lọ, ká tó ka àwọn tí kò gbé fóònù. Bí ẹ bá tún fa ààlà náà wálẹ̀ díẹ̀, iye yẹn lè di ìlọ́po méjì.

Ti pé nọ́ọ̀sì máa rẹ̀ gan-an kọ́ ni èyí tó burú jù. Ọmọ tí wọ́n bá pè lẹ́ẹ̀mẹ́ta torí pé ó tẹ 3 yóò mọ̀ pé bí òun bá tẹ 2, òun á sinmi. Ọmọ ìwòyí ni, wọn kì í pẹ́ mọ ọgbọ́n ẹ̀rọ. Láti ọjọ́ kẹrin lọ, gbogbo ìdáhùn yóò tutù bí omi inú àmù, àwa yóò sì máa rò pé ara wọn ń yá. Ibi tí ẹ ó ti mọ̀ ni pé ìdáhùn kan náà ni yóò máa wá lójoojúmọ́, láàárín ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan, láìka ohun tí ọmọ náà sọ fún nọ́ọ̀sì lójúkojú sí. Ààlà tó sún mọ́lẹ̀ jù ń kọ́ ọmọ láti fi ara pamọ́. Èyí tó ga jù sì lè fò ẹni tó nílò wa jù dá.

Ohun tí a fẹnu kò sí ni pé agbára ìfẹ́ láti ṣe ara ẹni léṣe nìkan kọ́ ni a ó máa wò. A fi ìbéèrè kan kún un: "Ṣé o rò pé o lè pa ara rẹ mọ́ láìléwu ní alẹ́ yìí?" Kọ́ọ̀dù rẹ̀ kò ju ìlà mẹ́ta lọ:

```
if safe_tonight == "no" or urge == 5:
    show_help_screen()
    queue_alert()
```

Ẹ wo bí mo ṣe tò ó. Ojú ìrànwọ́ ló kọ́kọ́ yọ, torí pé òun kò nílò dátà. Inú fóònù ló wà. Ohun tó wà lórí rẹ̀ ni ètò ààbò, irú èyí tí Barbara Stanley àti Gregory Brown ṣàgbékalẹ̀ fún àwọn tó ń ro ikú: ohun tó ti ń mú ara ọmọ náà rọlẹ̀ tẹ́lẹ̀, àgbàlagbà méjì tó lè pè, nọ́ńbà ilé ìtọ́jú, àti 112 tí í ṣe nọ́ńbà pàjáwìrì Nàìjíríà. Òun àti nọ́ọ̀sì ni yóò jókòó kọ ọ́ ní ọjọ́ àkọ́kọ́, ní ọ̀rọ̀ ẹnu ara rẹ̀. Bí ó bá ní "kí n lọ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ Màámi Àgbà, kí n má sọ nǹkan kan", bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni yóò ṣe yọ sí i lójú lóru. Ìtanilólobó sí ọ̀dọ̀ wa tẹ̀ lé e. Ìgbà tó bá dé ló dé.

A tún yí àsìkò padà. Aago 10 alẹ́ ni wọ́n fẹ́ kí ìbéèrè kejì máa wọlé. A gbé e sí aago 6 ìrọ̀lẹ́, kí ìdáhùn lè bá ènìyàn lójúfò. A pàdánù nǹkan níbẹ̀, torí pé òru gan-an ni nǹkan yìí sábà máa ń le fún ọ̀pọ̀ wọn, òru náà sì ni àwọn olùwádìí fẹ́ mọ̀. Ọmọ tó bá fẹ́ lè ṣí ápù fúnra rẹ̀ nígbàkigbà, ṣùgbọ́n ápù kò ní í lọ jí i ní àsìkò tí àwa fúnra wa ń sùn.

Gbólóhùn tuntun náà, bí mo ṣe kọ ọ́ fún àwọn ọmọ, nìyí: "Láti aago 8 àárọ̀ sí aago 8 alẹ́, ẹnì kan ń wo ìdáhùn rẹ. Lẹ́yìn aago 8 alẹ́, kò sí ẹni tó ń wò ó títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Bí dátà rẹ bá ti tán, a kò ní rí i rárá títí yóò fi padà. Má fi ápù yìí dúró dè wá bí nǹkan bá le. Pe ẹnì kan." Ọ̀kan nínú àwọn olùwádìí ní ìgbìmọ̀ yóò dá a padà, pé ó dà bíi pé a ń jáwọ́ lára ọmọ. Dókítà ní kí a fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Èmi náà gbà pé ọmọ tó mọ̀ pé kò sẹ́ni tó ń wò lè pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Èyí tó rò pé à ń bọ̀ yóò kàn jókòó máa dúró ni.

Ó kan àṣírí wàyí. Nínú ẹ̀dà náà, wọ́n ní kò sẹ́ni tó máa mọ ẹni tó dáhùn. Bí ìyẹn bá jẹ́ òótọ́, ta ni a ó pè? Ẹ kò lè sọ fún ọmọ pé a kò mọ̀ ọ́, kí ẹ tún sọ pé a ń bọ̀ wá bá ọ. Mo yọ ọ̀rọ̀ yẹn kúrò, mo sì ṣàlàyé bí a ṣe pín in. Fáìlì kan ní ìdáhùn pẹ̀lú nọ́ńbà lásán, bíi 017. Fáìlì kejì, níbòmíràn, ló ní orúkọ àti fóònù. Nọ́ọ̀sì àti onímọ̀ ìrònú nìkan ló lè so wọ́n pọ̀, gbogbo ìgbà tí wọ́n bá sì ṣe bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rọ ń kọ ẹni tó ṣí i, ìgbà tó ṣí i àti ìdí rẹ̀. Èmi tí mo kọ ápù kò lè rí orúkọ kankan. Èmi ni mo béèrè fún ìyẹn.

Òfin wà lára ìdí tí a fi ṣe é bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 2023 tí à ń kọ ìwé yìí, abala 327 òfin ìwà ọ̀daràn tí wọ́n ń lò ní Gúúsù ṣì sọ pé ẹni tó bá gbìyànjú láti gba ẹ̀mí ara rẹ̀ lè ṣe ẹ̀wọ̀n ọdún kan. Èkó ti yí tirẹ̀ padà ní ọdún 2011, ilé ìwòsàn ni òfin tiwọn ní kí adájọ́ fi onítọ̀hún ránṣẹ́ sí. Òfin ìlera ọpọlọ tí ààrẹ fọwọ́ sí ní oṣù kìíní ọdún 2023 kò sì pa abala 327 rẹ́. Agbẹjọ́rò tí a bi ní Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ọdún 2003 kò gbà kí wọ́n wọ́ ọmọdé lọ sí irú ẹjọ́ àgbàlagbà bẹ́ẹ̀. Ó dáa. Ṣùgbọ́n ọmọ ọdún 17 kì í pẹ́ di 18, dátà kì í sì í gbàgbé. Nínú ìbéèrè tí wọ́n kọ́kọ́ fún mi, àyè kan wà fún "Ṣé o fẹ́ kú nígbà tí o ṣe é?" Nínú ilé ìtọ́jú, ìbéèrè tó yẹ ni. Nínú fáìlì tí yóò wà fún ọdún mẹ́wàá, ìjẹ́wọ́ ni. A gbé e kúrò nínú ápù, ó di ohun tí nọ́ọ̀sì yóò béèrè lẹ́nu, tí yóò sì wà nínú ìwé ìtọ́jú ọmọ náà bíi gbogbo ọ̀rọ̀ aláìsàn.

Lọ́dọ̀ àwọn òbí, ìyọ̀ǹda wọn pọn dandan, ti ọmọ náà sì pọn dandan: bí ìyá bá ní bẹ́ẹ̀ ni, tí ọmọ ní bẹ́ẹ̀ kọ́, bẹ́ẹ̀ kọ́ ló lékè. Gbogbo òbí ló máa béèrè bóyá wọ́n á lè máa ka ìdáhùn. A kọ ọ́ gbangba pé rárá. Ó wá ku ẹni tí a ó sọ fún bí ewu bá dé. Ẹ̀dà àtijọ́ ní "òbí". Àǹtí Nọ́ọ̀sì ló fi ìka sí i: "Bó bá jẹ́ pé inú ilé yẹn gan-an ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ńkọ́?" Nítorí náà, ọmọ ni yóò yan àgbàlagbà méjì, kí ilé ìtọ́jú ti rí ó kéré tán ẹnì kan nínú wọn lójúkojú, kí òbí sì mọ̀ kó tó fọwọ́ síwèé pé ó lè má jẹ́ òun.

Ẹ jẹ́ ká fi 017 ṣe àpẹẹrẹ. Aago 6 kọjá ìṣẹ́jú 10 ìrọ̀lẹ́, ó tẹ "rárá" sí ìbéèrè ààbò. Ojú ìrànwọ́ yọ. Ìtanilólobó dé ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì, ó ṣí orúkọ, ó kọ ìdí. Ó pe ọmọ náà fúnra rẹ̀ ṣáájú, kì í ṣe ìyá rẹ̀, kì í ṣe ẹ̀gbọ́n ìyá tí ó yàn. Bí ewu bá wà lóòótọ́, yóò sọ fún un pé, "Mo fẹ́ pe Àǹtí rẹ báyìí. Ṣé kí n pè é, àbí ìwọ lo máa kọ́kọ́ bá a sọ̀rọ̀?" Àbí-tàbí wà nínú bí a ó ṣe sọ ọ́, kò sí nínú bóyá a ó sọ ọ́, a sì ti sọ èyí fún ọmọ náà ní ọjọ́ àkọ́kọ́. Bí kò bá gbé ìpè lẹ́ẹ̀mejì láàárín ìṣẹ́jú 20, àgbàlagbà tí ó yàn ló kàn. Bí ìyẹn náà kò bá gbé e, ẹnì kejì, lẹ́yìn náà òbí. Bí ó bá wá jẹ́ pé ó tẹ̀ ẹ́ ṣeré ni, tàbí pé àbúrò rẹ̀ ló gbé fóònù, wọ́n á jọ rẹ́rìn-ín, nọ́ọ̀sì á sì kọ ìyẹn náà sílẹ̀. (Nítorí irú àbúrò bẹ́ẹ̀, ápù ní nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀, ohun tó sì ń yọ lójú fóònù nígbà tí àkókò bá tó kò ju "Ìbéèrè òní ti dé" lọ.)

Ìgbìmọ̀ dá ìwé náà padà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Wọn kò fi ọwọ́ kan gbólóhùn aago 8 alẹ́. Ohun tí wọ́n béèrè ni pé: kí ló ń ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ 15? Ẹnì kan ti ń béèrè bí ara ọmọ yìí ṣe wà lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì, bóyá fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀, ìwádìí á wá parí, fóònù á dákẹ́. Nínú kọ́ọ̀dù, ìlà kan ni: ọjọ́ 14 bá ti kọjá, má béèrè mọ́. A tún un ṣe. Láti ọjọ́ 11, ápù yóò máa sọ iye ọjọ́ tó kù. Ní ọjọ́ 14, nọ́ọ̀sì yóò rí ọmọ náà lójúkojú, yóò sì fún un ní ọjọ́ tí wọ́n tún máa ríra ní ilé ìtọ́jú. Ìbéèrè yóò dáwọ́ dúró, ṣùgbọ́n ojú ìrànwọ́ kò ní í kúrò lórí fóònù àyàfi tí ọmọ náà bá yọ ọ́ fúnra rẹ̀. Mo fi kún un ní ìsàlẹ̀ ojú náà pé: "Kò sẹ́ni tó ń wo ápù yìí mọ́. Àwọn nọ́ńbà tó wà lókè yìí ṣì ń ṣiṣẹ́." Lẹ́ẹ̀kan lóṣù ni Àǹtí Nọ́ọ̀sì ń pe àwọn nọ́ńbà ilé ìtọ́jú náà láti rí i pé bẹ́ẹ̀ ló rí.